Ohun tí aṣọ ọmọ tuntun kọ́ mi lẹ́yìn tí mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ

Ọmọ àbúrò mi pé ọjọ́ mọ́kànlá ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ọrùn ọmọ yìí." Ilé wọn kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá wa ti bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Nǹkan pupa wẹ́wẹ́ ti sú yí ọrùn rẹ̀ ká, ó sú sí abíyá méjèèjì, ó sì tò gbọọrọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ojú rírán aṣọ ti ń kàn án lára.

Èmi ni mo rán aṣọ náà. Mẹ́jọ ni mo rán kí ọmọ tó dé, gbogbo wọn rí bákan náà, funfun pẹ̀lú òdòdó àwọ̀ ewé lọ́rùn. Mo ti ń rán aṣọ àgbà fún ọdún púpọ̀ nígbà yẹn, mo ti rán aṣọ ẹgbẹ́ fún àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń jáde níbi Ojúde Ọba, n kò sì rò pé aṣọ ọmọ ọwọ́ lè le ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo lọ sọ́jà Òkè-Àje, mo fi ọwọ́ pa aṣọ, mo yan èyí tó rọ̀ jù. Mo bi ìyá aláṣọ pé ṣé kọ́tìnnì ni, ó ní kọ́tìnnì ni. Mo gbà á gbọ́. N kò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún mi, bí wọ́n ṣe sọ fún un níbi tó ti rà á ló ṣe sọ fún mi.

A gbé ọmọ lọ sí ìlé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò gbé ọ̀rọ̀ náà sókè rárá. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó bèèrè bóyá ó ń mu ọmú dáadáa, ó wò bóyá ìkankan nínú ohun tó sú náà ti gba ọyún. Lẹ́yìn náà ló fi ìka méjì mú etí aṣọ tí a fi wé ọmọ, ó fún un, ó ní, "Aṣọ yìí kì í mu òógùn. Òógùn ló há mọ́ ọmọ lára." Ó ní kí a fi omi lásán wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kí a má fi páúdà tàbí òróró kankan sí i, kí a wọ aṣọ kọ́tìnnì tó ti gbó fún un, èyí tó fúyẹ́. Ó ní bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò bá mu ọmú mọ́, tàbí tí ohun tó sú náà bá gba ọyún, kí a má ṣe dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá wa lọ já ìró kọ́tìnnì àtijọ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, òun ni ọmọ náà lò. Ní ọjọ́ kẹrin, ọrùn rẹ̀ ti mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti ìlé ìwòsàn dé, mo gbé ìyókù aṣọ náà kalẹ̀. Mo gé èyí tó gùn tó ìka kan, mo fi ẹ̀mú mú un lókè abọ́ omi, mo tan ìṣáná sí i. Mo ti gbọ́ nípa ìdánwò yìí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, n kò ṣe é rí ni. Kọ́tìnnì gidi máa ń jó bí ìwé, òórùn rẹ̀ dà bí ti ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ fúyẹ́, ó sì máa ń fọ́ sí lẹ́búlẹ́bú tí o bá fi ìka pa á. Aṣọ tèmi kọ́kọ́ sá fún iná, ó ká jọ, ó wá yọ́, èéfín dúdú jáde. Nígbà tó tutù, kókó dúdú líle ló kù lẹ́nu rẹ̀, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò fọ́. Pọlíẹ́sítà ni, kì í tilẹ̀ ṣe tẹríkọ́tìnnì. Bó bá jẹ́ tẹríkọ́tìnnì, ìyẹn àdàlù òwú àti pọlíẹ́sítà, apá kan á di eérú, apá kan á di kókó wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ á máa bá nínú eérú náà.

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa aṣọ híhun nílé ẹ̀kọ́ gíga ló ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì rí. Ó ní òwú tó bá wọn 100 gíráàmù lè fa omi tó tó gíráàmù 8 láti inú afẹ́fẹ́ lásán, tí ọwọ́ rẹ kò ní mọ̀ pé ó tutù. Pọlíẹ́sítà kì í fa tó gíráàmù 1. Ní Ìjẹ̀bú wa yìí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, òógùn ara ọmọ kò rọrùn láti gbẹ. Bí aṣọ kò bá mu ún, inú ìṣẹ́po awọ ọrùn àti abíyá ló máa jókòó sí. Awọ ara ọmọ tuntun sì fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, ohun tó bá kàn án tètè ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Mo gba ìdánwò iná náà gẹ́gẹ́ bí òfin: bó bá ti jó bí ìwé, mo rà á. Ọdún kan lẹ́yìn náà, oníbàárà mi kan tó lóyún ní kí n rán ẹ̀wù méjìlá fún òun. Mo rí pópílínì funfun kan lọ́jà tó jó bí ìwé délẹ̀délẹ̀, eérú rẹ̀ sì fọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń dán, ó mọ́ bí ẹyin, ó sì dùn ún rán nítorí pé kì í rún. Mo tà á fún un pẹ̀lú ìdánilójú.

Nígbà tí mo ń lọ ẹ̀wù kẹta ni òórùn kan ta sí mi nímú. Mo ti wọ́n omi sí i kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án, bí ooru sì ṣe gbé sókè, òórùn náà dà bí ti ẹja tó fẹ́ bàjẹ́, ó sì ń ta ojú. Mo ṣí fèrèsé. Mo rò pé omi ni, mo pààrọ̀ omi, òórùn náà kò lọ. Mo tún lọ bá ọ̀rẹ́ àbúrò mi yẹn. Kò tilẹ̀ tan iná sí i. Ó gba aṣọ náà, ó rún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó dì í mú pinpin, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó wá là á. Aṣọ náà nà padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òwú gbọ́dọ̀ rún. Bó bá jó bí ìwé, tí kò sì rún, a jẹ́ pé wọ́n ti fi nǹkan sí i."

Ó ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n fi sí i jẹ́ irú oje kan tí ilé iṣẹ́ máa ń rẹ aṣọ sí lẹ́yìn híhun, tí wọ́n á sì yan án nínú ooru kí ó lè di ara aṣọ. Oje yìí ló ń so fọ́nrán òwú pọ̀ kí ó má rún. Púpọ̀ nínú irú oje bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi fọmadiháídì ṣe, kẹ́míkà kan tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ojú àti imú, tó sì lè mú kí ara ẹlòmíràn sú. Òórùn ẹja tí mo gbọ́ yẹn, ara oje náà ló ti wá bí ooru àti omi ṣe kàn án. Jàpáànù ṣe òfin lórí irú kẹ́míkà báyìí nínú nǹkan ilé ní 1973. Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò lábẹ́ òfin náà, aṣọ ọmọ tí kò tíì pé oṣù 24 kò gbọdọ̀ ní fọmadiháídì tí ìdánwò lè rí nínú rárá, nígbà tí wọ́n gbà á láyè níwọ̀nba fún àwọ̀tẹ́lẹ̀ àgbà.

Mo bi í pé tí a bá fọ̀ ọ́ dáadáa ńkọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ó ní omi gbígbóná àti ọṣẹ á fọ èyí tó ṣẹ́ kù sójú aṣọ kúrò, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n èyí tó ti di ara òwú kò ní jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tú sílẹ̀, pàápàá níbi tí ooru àti òógùn bá wà. Nítorí náà n kì í ra aṣọ tí kì í rún fún ọmọ tuntun, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Mo dá owó oníbàárà mi padà, mo wá aṣọ mìíràn fún un. Pópílínì tó kù, mo fi rán aṣọ fèrèsé.

Ìdánwò rírún yìí ní ibi tó mọ. Aṣọ tó ń fà bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì kì í rún bíi pópílínì, bó tilẹ̀ jẹ́ òwú pátápátá, nítorí bí wọ́n ṣe hun ún. Fún irú rẹ̀, ẹ̀kán omi kan ni mo máa ń lò. Mo máa ń na etí aṣọ náà sórí ẹnu ife, mo fi ìka kán omi kan sí i, mo sì ń wò ó. Òwú tí kò ní nǹkan lára máa ń mu ún lójú ẹsẹ̀, ibi tó mu ún á sì fẹ̀. Bí omi náà bá dúró rogodo bíi ti orí ewé kókò, pọlíẹ́sítà lè wà nínú rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé wọ́n ti fi ohun amúnirọ̀ pa á. Ìdánwò iná á sọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ohun amúnirọ̀ yìí ló máa ń tan àwa tí a ń fi ọwọ́ ra aṣọ jẹ. Rírọ̀ tí ọwọ́ ń bá pàdé lọ́jà, ilé iṣẹ́ ló fi sí i, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì bá omi lọ bí a bá ti fọ aṣọ náà nígbà mélòó kan. Aṣọ tó rọ̀ bí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ lónìí lè le bí àpò lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta. Òmíràn sì wà tó le nítorí sítáàṣì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí sítáàṣì bá ti jáde ni yóò wá rọ̀ bí òwú. Mo máa ń fi aṣọ náà ra ara wọn lókè aṣọ dúdú. Bí ẹ̀tù funfun bá ń bọ́, sítáàṣì ni, kò sì yẹ kí ó lé mi sá. Ọwọ́ mi kò wá pinnu mọ́ títí aṣọ náà yóò fi la omi gbígbóná kọjá.

Omi gbígbóná kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nílé wa. Ẹ lè sọ fún ìyá ọmọ pé kì í ṣe gbogbo aṣọ ló nílò rẹ̀, pé èyí tí ọmọ kò yàgbẹ́ sí lè gba omi lásán, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ kò ní gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa kó sínú báàsí, yóò sì da omi híhó lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èmi tí mo ń ránṣọ kò lè rán aṣọ fún ìyá àgbà tí mo fẹ́ kó wà. Èyí tó wà nílé ni mo ń rán an fún.

Bí wọ́n bá bi mí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyí. Aṣọ tí ìgbẹ́, wàrà tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba omi tútù, kí a fọwọ́ ra á títí ìdọ̀tí náà á fi lọ, torí pé ooru máa ń sè é mọ́ aṣọ bí ẹyin ṣe ń le nínú omi híhó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọn omi híhó abọ́ kan àti omi ẹ̀rọ abọ́ kan sínú báàsí. Omi híhó jẹ́ 100 ní ìwọ̀n sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, omi wa níbí jẹ́ bíi 28. Ìdajì-ìdajì wọn á fún wa ní nǹkan bí 64, báàsí náà á mu díẹ̀ nínú ooru rẹ̀, yóò wá kù sí bíi 60, ìyẹn sì tó láti bá púpọ̀ nínú kòkòrò àìrí jà pẹ̀lú ọṣẹ. Ọwọ́ kò lè gbà á, igi ni kí wọ́n fi rò ó. Kí wọ́n fi sílẹ̀ títí ọwọ́ á fi lè wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ṣíṣàn ló ṣe pàtàkì jù fún awọ ara ọmọ: omi mẹ́ta, ó kéré tán, títí aṣọ kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ọṣẹ tó kù nínú aṣọ ni òógùn ọmọ máa tú jáde sí i lọ́rùn.

Aṣọ wo ló wá lè fara da èyí? Mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nípa pípàdánù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pópílínì yẹn, mo ra aṣọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ òwú gidi, ó gba ìdánwò iná, ó gba ìdánwò omi, mo gé e lójú ẹsẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo fi jíṣẹ́, ìyá ọmọ mú ẹ̀wù kan padà wá hàn mí. Ojú rírán tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yí wá sí iwájú ikùn. Ọrùn rẹ̀ sún kì bí ẹnu àpò tí a fa okùn rẹ̀. Ẹ̀wù náà sì ti kúrú débi pé ìdodo ọmọ wà níta.

Láti ìgbà náà, n kì í gé aṣọ ọmọ tuntun kankan láìjẹ́ pé mo ti fi èyí dán an wò. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn ni mo máa sọ, torí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n mi. Aṣọ méjì ni mo rà, yáàdì kan péré nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, èyí tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ rí bákan náà, tó sì nípọn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gé íǹṣì 20 sí 20 nínú ìkọ̀ọ̀kan, mo sì fi òwú pupa rán igun mẹ́rin tó jẹ́ íǹṣì 16 sí 16 sí àárín rẹ̀. Òwú ni mo fi sàmì sí i, torí pé bírò á bá omi lọ. Mo fi ọfà kékeré sí ìhà tó jẹ́ gígùn aṣọ. Mo wá ṣe wọ́n bí ìyá àgbà ṣe máa ṣe wọ́n: omi híhó àti omi tútù ìdajì-ìdajì, kí ó tutù, kí n fọ̀ ọ́, kí n ṣàn án, kí n sá a sóòrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é.

Síńgílẹ́ẹ̀tì náà ti di íǹṣì 15 ní gígùn lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó di ẹ̀kẹta ó jẹ́ 14¾. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 15½. Èyí tí kò dára jù ni pé igun mẹ́rin náà kò dọ́gba mọ́, ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ilẹ̀kùn tí férémù rẹ̀ ti wọ́. Ohun tó yí ojú rírán ẹ̀wù oníbàárà mi wá síwájú gan-an nìyẹn: irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ́ bí omi ti ń tú fọ́nrán rẹ̀ sílẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kì di íǹṣì 15¼ ní gígùn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 15½, lẹ́yìn ìfọ̀ kejì kò sì yí padà mọ́. Igun rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Bí mo bá ti gé ẹ̀wù tó gùn ní íǹṣì 18 nínú síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn láìfọ̀ ọ́, yóò ti sọ nǹkan bí íǹṣì 1½ nù kí ọmọ tó pé oṣù kan. Ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe kí n fi íǹṣì kún un, nítorí pé lílọ́ kò ní ìwọ̀n tí a lè fi kún un. Íńtálọ́ọ̀kì ni mo mú, mo ra yáàdì márùn-ún nínú rẹ̀, mo sì fọ gbogbo rẹ̀ nínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mejì kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Èyí tún yanjú ọ̀rọ̀ ọrùn tó ń sún kì. Okùn ìránṣọ wa jẹ́ pọlíẹ́sítà, kì í sún nínú omi gbígbóná. Bí aṣọ bá sún lábẹ́ rẹ̀, ojú rírán á dì jọ, á sì le, ìyẹn náà á máa họ ọmọ lọ́rùn. Bí aṣọ bá ti sún tán kí a tó rán an, okùn àti aṣọ á jọ wà pa pọ̀ ni.

Fúlánẹ́ẹ̀lì ni àwọn ìyá máa ń bèèrè fún jù, nítorí irun rírọ̀ tó wà lójú rẹ̀. Mo ń fi ṣe aṣọ ìnura àti aṣọ ìtẹ́sórí ibùsùn, n kì í fi ṣe ẹ̀wù. Ó móoru jù fún ibi tí a wà, irun rẹ̀ máa ń dì ní kókó-kókó lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan, bó bá sì jẹ́ òwú, irun òkè yẹn tètè máa ń gba iná. Ilé tí wọ́n ti ń lo àbẹ́là àti sítóòfù kẹrosíìnì, n kò fẹ́ ẹ lára ọmọ níbẹ̀.

Rọ́bà ọrùn ọwọ́ àti ti ìdí ṣòkòtò kì í pẹ́ nínú omi gbígbóná, bí a bá tún da bílíìṣì sí i, oṣù kan ni. Okùn tí a fi aṣọ kan náà rán ni mo ń lò, iwájú ẹ̀wù sì máa ń ṣí pátápátá, kí a má ṣe fa aṣọ gba orí ọmọ tàbí kọjá ìdodo tí kò tíì já. Ojú rírán àti etí tí a wífù, ìta ni mo ń kọ wọ́n sí. Àwọn kan máa ń rò pé mo rán an ní òdì. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ìka pa inú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Okùn tó bá ń jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ nínú ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, mo máa ń gé e kúrò délẹ̀, nítorí pé ó lè lọ́ mọ́ ìka ọmọ kí ó sì dí ẹ̀jẹ̀, ọmọ kò sì lè sọ ju kó sunkún lọ.

Ìdí mìíràn tí mo fi dúró lórí òwú ni áyọ́ọ̀nù. Eṣinṣin kan wà ní agbègbè wa tó máa ń yé sára aṣọ tútù tí a sá sí ibòji tàbí sórí koríko. Ìdin rẹ̀ á wọ ara ẹni tó bá wọ aṣọ náà, ibẹ̀ á wú bí eéwo. Oòrùn gidi lórí okùn ló dára jù, ṣùgbọ́n nígbà òjò tí a ń sá aṣọ sí abẹ́ òrùlé, áyọ́ọ̀nù gbígbóná lójú méjèèjì aṣọ, títí dé inú ojú rírán, ló ń pa ẹyin náà. Òwú lè gba ooru yẹn. Pọlíẹ́sítà á dán, ó sì lè yọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo máa ń sọ fún ìyá ọmọ bí mo bá ń di ẹ̀wù fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ aránṣọ. Kò gbọdọ̀ fi káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ ọmọ. Káńfọ̀ tí a ń rà fún aáyán ní kẹ́míkà kan nínú tí ń tú ẹ̀jẹ̀ pupa ara àwọn ọmọ kan, àwọn tí ara wọn kò ní èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n pọ̀ láàárín wa, ojú sì kì í fi wọ́n hàn. Ibà pọ́njú tó lè tẹ̀lé e fún ọmọ tuntun lè ba ọpọlọ jẹ́. Àpò ike tí a dì lẹ́nu dáadáa tó fún aáyán.

Àbúrò mi bí ìkejì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹ̀wù mẹ́jọ náà ni mo tún rán, íńtálọ́ọ̀kì funfun tí mo ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láìsí òdòdó lọ́rùn. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, mo ní kó kó wọn wá kí n wò wọ́n. Wọ́n ti gbó díẹ̀ létí, funfun wọn ti wọ̀, ọ̀kan ní àbàwọ́n tí kò lọ. Mo gbé ọ̀kan lé ìwọ̀n, íǹṣì 17¾, nínú 18 tí mo gé. Ojú rírán rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kán omi kan sí i láyà, ó mu ún kí n tó gbé ìka kúrò.